Ímeèlì tí ọ̀gá àgbà lè fi lẹ́tà kan dáhùn

Ká sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ń ra kóró kajú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oṣù Kẹta ti wọlé, kajú ń dé láti oko lójoojúmọ́, àkọ́rọ̀ òjò sì ti bẹ̀rẹ̀. Òrùlé sítọ́ọ̀ ń jò lápá kan, 640 àpò ló sì wà lábẹ́ ibẹ̀. Alábòójútó sítọ́ọ̀ mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ju èyí tí wọ́n fún un láṣẹ láti ná. Ọ̀gá àgbà tó lè fọwọ́ sí i wà ní Ìbàdàn, orí fóònù ló sì ti ń ka ímeèlì, nígbà tó bá jáde nínú ìpàdé kan tó ń lọ sí òmíràn.

Ímeèlì tí alábòójútó kọ́kọ́ kọ gùn. Ó kí ọ̀gá, ó kí ìdílé ọ̀gá, ó ròyìn ọdún tí wọ́n kan òrùlé náà, ó sọ iye kápẹ́ńtà tó ti wá wò ó, ó wá parí rẹ̀ báyìí: "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ bá wa wò ó bóyá a lè rí nǹkan ṣe sí i." Èsì tí ọ̀gá fi ránṣẹ́ ni "Ó dáa, mo ti rí i." Alábòójútó gbà pé ọ̀gá ń ronú lé e lórí. Ọ̀gá náà gbà pé wọ́n kàn fi tó òun létí ni. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, òjò sì rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Bẹ́ẹ̀ ló rí lójúkojú, nítorí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ń wo ojú wa, ó sì lè béèrè ohun tí kò yé e. Nínú ímeèlì, àbọ̀ ọ̀rọ̀ lè dé inú ọ̀gá kó sì di odindi ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí ímeèlì tó ń tọrọ ìpinnu fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tó ń tọrọ, kó tó sọ ìtàn rẹ̀. Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Ìkíni ìlà kan tó, "ẹ" tí a ń lò láti òkè dé ìsàlẹ̀ ló gbé ọ̀wọ̀ yòókù.

Orí àkọlé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Fóònù máa ń gé àkọlé tó bá gùn, nítorí náà ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó ló gbọ́dọ̀ ṣáájú: pé ìpinnu ni à ń wá, àti ọjọ́ tí a ń wá a dé. "Ọ̀rọ̀ nípa sítọ́ọ̀ wa" kò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ímeèlì bẹ́ẹ̀ ti ń bàjẹ́ ni àwọn ọ̀nà tí a kó síwájú ọ̀gá. Ẹni tó ti fẹ́ ọ̀nà kan lọ́kàn lè kọ méjì mìíràn tí kò nítumọ̀ tì í, kí tirẹ̀ lè dára lójú. Ọ̀gá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ máa ń rí i, tó bá sì rí i lẹ́ẹ̀kan, kò ní fọkàn tán àbá tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí a fi ń dán ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wò ni ìbéèrè yìí: bí ọ̀gá bá mú èyí, ṣé a máa lè ṣe é lọ́la láìráhùn? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí a yọ ọ́ kúrò. Èyí tí kò gbọdọ̀ sọnù ni kí a má ṣe ohunkóhun tàbí kí a ṣe díẹ̀, nítorí òun náà ní owó tirẹ̀.

Ìwọ̀n kan náà ló sì yẹ kí a fi wọn gbogbo wọn: àpapọ̀ owó, ọjọ́ tí yóò gbà, àti ohun tó lè yíwọ́. Nínú ọ̀rọ̀ òrùlé yìí, sítọ́ọ̀ kan wà lójú ọ̀nà Ìlọrin tí a lè háyà fún oṣù mẹ́ta ní ₦2.1 mílíọ̀nù. Àtúnṣe òrùlé jẹ́ ₦3.4 mílíọ̀nù. Lójú ẹsẹ̀, sítọ́ọ̀ háyà ló dà bí èyí tó dínwó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, òrùlé ṣì ń jò, a ó sì tún san ₦3.4 mílíọ̀nù náà. Owó tó jẹ́ gan-an ni ₦5.5 mílíọ̀nù, iye yìí ló sì yẹ kó wà nínú ímeèlì.

Báyìí ni ímeèlì tí alábòójútó tún kọ ṣe rí:

> Àkọlé: Ìpinnu kó tó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀: òrùlé sítọ́ọ̀ kajú
>
> Ẹ kú iṣẹ́, sà.
>
> Mo ń tọrọ àṣẹ yín láti ná ₦3.58 mílíọ̀nù lórí òrùlé sítọ́ọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, kó tó di agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Òrùlé ń jò sórí 640 àpò. Kajú tó bá gba omi máa ń bu, oníbàárà kì í sì í gbà á.
>
> A. Kí a tún òrùlé ṣe báyìí, kí a fi tapólì bo àpò títí iṣẹ́ yóò fi parí. ₦3.58 mílíọ̀nù, ọjọ́ mẹ́jọ. A kò ní lè ra kajú tuntun láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn.
>
> B. Kí a háyà sítọ́ọ̀ ọ̀nà Ìlọrin fún oṣù mẹ́ta, kí a tún òrùlé ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. ₦5.5 mílíọ̀nù lápapọ̀, ọjọ́ méjì láti kó ẹrù. Ríra kajú kò ní dúró.
>
> D. Tapólì nìkan. ₦180,000, ọjọ́ kan. Kò lè gba òjò ńlá dúró, ooru abẹ́ rẹ̀ sì lè mú kí kajú làágùn.
>
> Àbá mi ni A. A ó pàdánù ọjọ́ mẹ́jọ tí à bá fi ra ọjà, ṣùgbọ́n owó A fi ₦1.92 mílíọ̀nù kéré sí ti B. Bí ẹ bá rò pé iye kajú yóò fò sókè kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, B ló dára jù.
>
> Ọjọ́ Jímọ̀ ni ẹni tó ń ta páànù yóò mú iye tó dá fún wa kúrò. Bí n kò bá rí èsì yín nígbà náà, tapólì nìkan ni màá ṣe.
>
> Ẹ lè fi A, B tàbí D dá mi lóhùn. Ìwé iye owó kápẹ́ńtà wà nínú fáìlì tí mo so mọ́ ọn.

Ohun méjì níbẹ̀ tó àlàyé. Èkíní ni pé àbá náà sọ ohun tí yóò bọ́ sọnù, ó sì sọ ohun tó lè mú kó yí padà. Alábòójútó mọ òrùlé, ọ̀gá mọ ọjà àti oníbàárà. Gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Bí ẹ bá rò pé" ló fún ọ̀gá láyè láti fi ohun tó mọ̀ kún un, láìjẹ́ pé ó tún gbogbo ìṣirò náà ṣe.

Èkejì ni ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọ̀gá bá dákẹ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé "bí n kò bá gbọ́ nǹkan, màá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe" ti fi ìdákẹ́jẹ́ ọ̀gá gba àṣẹ tí wọn kò fún un, wàhálà ló sì máa ń dá sílẹ̀ nígbà tí ìwé owó bá dé Ìbàdàn. Ohun tí a lè so mọ́ ìdákẹ́jẹ́ ni nǹkan kékeré tó wà lábẹ́ àṣẹ ẹni tó kọ̀wé tẹ́lẹ̀, tí a sì lè dá padà. Tapólì ₦180,000 bá èyí mu. Ọjọ́ tí a dá náà gbọ́dọ̀ ní ìdí tó hàn, bíi ti páànù yìí, nítorí ọjọ́ tí a kàn fẹnu dá kì í mú ẹnikẹ́ni yára.

Ìpinnu kan ṣoṣo ni ímeèlì kan lè gbé. Bí alábòójútó bá fi ọ̀rọ̀ owó oṣù àwọn ọlọ́dẹ kún ti òrùlé, ọ̀gá lè dáhùn "Ó dáa", kí ẹnikẹ́ni má sì mọ èwo ló dáa nínú méjèèjì. Ti ọlọ́dẹ yẹ kó ní ímeèlì tirẹ̀.

Nígbà tí èsì bá dé pé "A", iṣẹ́ kù díẹ̀. Alábòójútó yóò dáhùn lórí ímeèlì kan náà, yóò sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí akápò tó máa tú owó sílẹ̀: "Ẹ ṣeun, sà. Mo gbà pé A ni: ₦3.58 mílíọ̀nù, kápẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, màá sì jíṣẹ́ fún yín nígbà tó bá parí."