Òdiwọ̀n àṣírò-sílẹ̀ fún ìnáwó gbogboogbò iléeṣẹ́

Òdiwọ̀n àṣírò-sílẹ̀ ni iye tí iléeṣẹ́ ti ṣírò kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, tí yóò máa fi gbé ìnáwó gbogboogbò lé orí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bí iṣẹ́ bá ṣe ń jáde. Ìnáwó gbogboogbò, tí àwọn oníṣirò owó ń pè ní ófáhẹ́ẹ̀dì, ni owó tí a ná kí iṣẹ́ lè ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n tí a kò lè nàka sí ọjà kan ṣoṣo pé òun ló jẹ ẹ́. Ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, pákó àti owó iṣẹ́ ẹni tó kan ilẹ̀kùn ṣeé kọ sí ọrùn ilẹ̀kùn náà tààrà. Owó ṣọ́ọ̀bù, epo jẹnẹrétọ̀, owó oṣù fọ́máànù, pípọ́n ayùn àti gbígbó tí ẹ̀rọ ìlagi ń gbó kò ṣeé kọ bẹ́ẹ̀. Owó mọ́tò tó ń gbé ọjà lọ fún oníbàárà kò sí lára wọn, torí ìnáwó títà nìyẹn.

Ìdí tí a fi ń ṣírò rẹ̀ sílẹ̀ ni pé oníbàárà kò ní dúró dìgbà tí ọdún bá parí kó tó gbọ́ iye ilẹ̀kùn rẹ̀. Bí a bá sì ń pín ìnáwó oṣù kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ oṣù náà, ilẹ̀kùn tí a kàn lóṣù tí iṣẹ́ dá yóò dà bíi pé ó wọ́n ju ti oṣù mìíràn lọ, bẹ́ẹ̀ pákó kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló kàn án.

Ká ní ṣọ́ọ̀bù náà ní káfíńtà mẹ́rin, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi wákàtí 30 ṣiṣẹ́ gan-an lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 50. Wákàtí 6,000 nìyẹn. Bí wọ́n bá fojú bù ú pé ìnáwó gbogboogbò ọdún náà yóò jẹ́ ₦3,600,000, òdiwọ̀n wọn ni ₦600 fún wákàtí kan. Ilẹ̀kùn tó gba wákàtí 12 yóò ru ₦7,200, lẹ́yìn owó pákó àti owó káfíńtà. Wákàtí bá ṣọ́ọ̀bù yìí mu nítorí ọwọ́ ènìyàn ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́. Níbi tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣe é, wákàtí ẹ̀rọ ló yẹ ká fi pín in.

Nígbà tí ọdún parí, wákàtí tí wọ́n ṣe jẹ́ 6,200, owó tí wọ́n sì ná gan-an jẹ́ ₦3,900,000. Ohun tí wọ́n ti gbé lé iṣẹ́ ni 6,200 lọ́nà 600, ìyẹn ₦3,720,000. Àìkájú ₦180,000 ló kù, ìyẹn owó tí a ná tí a kò tíì gbé lé iṣẹ́ kankan. Ẹni tó bá fi wákàtí 6,000 tí wọ́n fojú bù ṣe ìṣirò yìí yóò rí ₦300,000, yóò sì ṣì í: wákàtí tí a ṣe ní tòótọ́ ni a fi ń gbé ìnáwó lé iṣẹ́. Nínú ìwé, owó tí a ná wà lápá òsì akáǹtì ìnáwó gbogboogbò, èyí tí a gbé lé iṣẹ́ wà lápá ọ̀tún. Bí òsì bá wúwo jù, àìkájú ni. Bí ọ̀tún bá wúwo jù, àléjù ni. Ìyàtọ̀ tó bá yọjú láàárín ọdún kì í ṣe ohun à ń sáré pa, torí oṣù mìíràn lè dí i.

Bí àìkájú náà bá kéré, tàbí tí ọjà inú ṣọ́ọ̀bù kò tó nǹkan, a ó fi gbogbo rẹ̀ kún iye owó tí a fi ṣe ọjà tí a ti tà. Èrè ọdún náà yóò fi ₦180,000 dín. Bí ó bá tóbi, pínpín ló tọ́. Nínú ₦3,720,000 tí a gbé lé iṣẹ́, ká ní ₦372,000 wà lára iṣẹ́ tó ṣì wà lọ́wọ́, ₦558,000 lára àga àti ilẹ̀kùn tó ti parí tí a kò tíì tà, ₦2,790,000 lára èyí tí a ti tà. Bí wọ́n ṣe tẹ̀léra yẹn, ₦18,000, ₦27,000 àti ₦135,000 ni yóò kàn wọ́n. Èrè yóò wá fi ₦135,000 péré dín, ₦45,000 yòókù yóò sì dúró lára ọjà. Ìnáwó gbogboogbò tó wà lára ọjà ni ká fi pín in. Bí a bá fi iye ọjà lódidi pín in, ọjà tí pákó rẹ̀ wọ́n yóò ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kí a tó pín in rárá, ó yẹ ká mọ ohun tó fà á. Níhìn-ín, ìnáwó fi ₦300,000 kọjá ohun tí a fojú bù. Wákàtí 200 tó lé sì gbé ₦120,000 nínú rẹ̀. Owó ọjà tó gorí ló sábà máa ń fa irú èyí. Ṣọ́ọ̀bù tó fi iye epo ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ṣírò òdiwọ̀n rẹ̀, nígbà tí lítà bẹntiróòlù kan kò tó ₦200 ní iye ìjọba, kò lè bọ́ lọ́wọ́ àìkájú lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù Karùn-ún ọdún náà, tí lítà kan sì kọjá ₦480.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló dá, tí àwọn káfíńtà jókòó, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé IAS 2 ní kí a fi ìwọ̀n iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ sábà máa ń ṣe pín ìnáwó tí kì í yí padà, bí owó ṣọ́ọ̀bù. Apá rẹ̀ tí kò rí iṣẹ́ gbé e gbọdọ̀ jẹ́ ìnáwó ọdún tí a ná an gan-an, a kò sì gbọdọ̀ fi kún iye ọjà tó wà nílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá sì pọ̀ rékọjá bó ṣe máa ń rí, a ó dín ohun tí a gbé lé ọjà kọ̀ọ̀kan kù, kí iye tí a kọ sílẹ̀ fún ọjà má bàa ju owó tí a ná lé e lórí gan-an lọ.