Kí ló dé tí aago ẹni tó ń sáré gan-an fi máa ń falẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. SS2 ni mo wà, Orílé ni mò ń gbé. Tíṣà físíìsì wa ní tí èèyàn bá ń sáré tó súnmọ́ eré ìmọ́lẹ̀, àsìkò máa falẹ̀ fún un. Mo ní kí ló dé, wọ́n ní ó máa yé mi tí mo bá dé yunifásítì. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń fà á?

Ìdáhùn: Àbúrò, kò dìgbà tóo bá dé Unilag, ìṣirò Pàìtágọ́rà tẹ́ẹ ti ṣe ní JSS ti tó fún un. Ohun kan ṣoṣo ló le níbẹ̀, òun náà ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í hùwà bí àwọn nǹkan yòókù.

Wo réluwéè Búlúù Láìnì tó ń kọjá ládùúgbò yín yẹn. Ká ní o wà nínú ẹ̀, ó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, o wá ju bọ́ọ̀lù síwájú ní 20, èmi tí mo dúró ní ibùdókọ̀ máa rí i pé 80 ni bọ́ọ̀lù yẹn ń sá, torí eré ọkọ̀ ti kún eré ọwọ́ ẹ (ká sòótọ́, ó fi bíńtín dín sí 80, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ tó máa rí ìyàtọ̀ yẹn). Tó bá wá jẹ́ tọ́ọ̀ṣì lo tàn síwájú ńkọ́? Ìwọ tóo wà nínú ọkọ̀ wọn eré ìmọ́lẹ̀ yẹn, o bá a ní bíi 300,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ńdì kan. Èmi tí mo dúró nílẹ̀ náà wọ̀n ọ́n, 300,000 kan náà ni mo bá, eré ọkọ̀ ò fi nǹkan kan kún un. Ní 1887, Michelson àti Morley ti wá a títí bóyá eré ìmọ́lẹ̀ máa yàtọ̀ síra torí pé ayé tá a wà lórí ẹ̀ yìí ń rìn yí oòrùn po, wọn ò rí ìyàtọ̀ kankan. Nígbà tó di 1905, Einstein tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì ní ìlú Bern ní ẹ jẹ́ ká gbà pé bó ṣe rí nìyẹn, ká wo ibi tọ́rọ̀ náà máa gbé wa dé.

Ó dáa, jẹ́ ká ṣe aago kan. Dígí kan wà nílẹ̀ réluwéè, dígí kejì wà lókè àjà, àárín àwọn méjèèjì jẹ́ 2.4 mítà, ìmọ́lẹ̀ kan wá ń ta láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, á tún ta padà wálẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá ti kan dígí la máa kà á sí ìdún aago kan. Ìwọ tóo jókòó tì í, òkè tààrà lo rí i tó ń lọ, 2.4 mítà péré. Nánósẹ́kọ́ńdì 8 ló máa gbà á (tóo bá gé sẹ́kọ́ńdì kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni nánósẹ́kọ́ńdì).

Èmi wá dúró ní ibùdókọ̀ Orílé, ọkọ̀ yín ń já fìì kọjá níwájú mi. Ká ní ìdá 0.6 eré ìmọ́lẹ̀ ló ń sá, ìyẹn 180,000 kìlómítà ní sẹ́kọ́ńdì kan, mo mọ̀ pé kò sí réluwéè tó lè ṣe é, kóo tó ṣẹ́jú o ti kọjá Mile 2 o ti fi Bàdágrì sílẹ̀, ṣáà bá mi gbà bẹ́ẹ̀. Kí ìmọ́lẹ̀ tó kúrò nílẹ̀ tó dé àjà, àjà fúnra ẹ̀ ti bá ọkọ̀ sún síwájú. Torí náà lójú tèmi ìmọ́lẹ̀ yẹn ń gòkè, ó sì tún ń lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà ẹ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá gùn ju 2.4 mítà lọ. Yà á sínú ìwé, wàá rí onígun mẹ́ta: òró ẹ̀ jẹ́ 2.4, ìsàlẹ̀ ẹ̀, tó jẹ́ ibi tí ọkọ̀ sún dé, jẹ́ 1.8, ẹ̀gbẹ́ tó fì yẹn jẹ́ 3. Yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ, 2.4 lọ́nà 2.4 jẹ́ 5.76, 1.8 lọ́nà 1.8 jẹ́ 3.24, àpapọ̀ wọn jẹ́ 9, rúùtù 9 sì ni 3. Wò ó náà pé ìdá 0.6 nínú 3 ni 1.8, ó bá eré ọkọ̀ mu wẹ́kú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú rèé o, fara balẹ̀. Tó bá jẹ́ pé bọ́ọ̀lù lò ń jù sókè nínú ọkọ̀ tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, lójú tèmi bọ́ọ̀lù náà máa rin ọ̀nà tó fì, tó gùn jù, ṣùgbọ́n màá rí i pé eré ẹ̀ náà pọ̀ ju bóo ṣe rí i lọ, torí eré ọkọ̀ wà lára ẹ̀. Ọ̀nà gùn sí i, eré pọ̀ sí i, àsìkò tó gbà ò yí padà débi tí ẹ̀rọ máa rí i, èmi àti ẹ ò ní jiyàn. Ìmọ́lẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀ gùn sí i lójú mi, eré ẹ̀ ò kúrò ní 300,000. Kí ló wá kù tó lè yí padà? Àsìkò nìkan ni. Mítà 3 yẹn máa gba nánósẹ́kọ́ńdì 10 lórí aago tèmi, bẹ́ẹ̀ ìdún kan ṣoṣo yẹn ni ìwọ ka 8 fún. Aago kankan ò bàjẹ́, kò sẹ́ni tó ka ìṣirò gbòdì. Tó bá wá jẹ́ pé 60 mínìtì ni mo kà, 48 mínìtì péré ló kọjá lórí aago ẹ nínú ọkọ̀.

Tí o bá fẹ́ fọ́múlà, √(1 − v²/c²) lo máa fi sọ àsìkò tèmi di púpọ̀, v ni eré ọkọ̀, c ni eré ìmọ́lẹ̀. Fi 0.6 sí ipò v/c, wàá bá 0.8, ìyẹn 48 nínú 60.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe aago onídígí yẹn nìkan ló ń falẹ̀ báyìí? Aago ọwọ́ mi ńkọ́, ọkàn mi tó ń lù ńkọ́?

Ìdáhùn: Gbogbo wọn ni. Tí ọkọ̀ bá ń lọ tààrà, tí eré ẹ̀ ò yí padà, tí kò gbọ̀n, tóo sì ti gbogbo fèrèsé, kò sí nǹkan tóo lè ṣe nínú ẹ̀ tóo fi máa mọ̀ bóyá ó ń lọ ni àbí ó dúró. Galileo ti sọ èyí kí wọ́n tó bí Einstein, Einstein kàn ní ó kan ìmọ́lẹ̀ náà ni. Ká wá ní aago onídígí nìkan ló falẹ̀, tí aago ọwọ́ ẹ ò falẹ̀, wàá kàn wo àwọn méjèèjì, wàá rí i pé wọn ò bára mu mọ́, wàá sì mọ̀ pé o ń sáré láì yọjú síta. Ìyẹn ò sì lè ṣẹlẹ̀. Torí náà aago ọwọ́, ọkàn, bátìrì fóònù, irun tó ń hù lórí ẹ, gbogbo ẹ̀ ló máa falẹ̀ pọ̀ ní ìwọ̀n kan náà, ìwọ ò sì ní mọ nǹkan kan.

Ìbéèrè: Ṣé wọ́n ti rí i lójú rí ṣá, àbí orí ìwé lásán ni?

Ìdáhùn: Wọ́n ti rí i dáadáa. Èyí tó wù mí jù ni ti múọ̀nù. Nǹkan kékeré kan ni, ó jọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ ní nǹkan bí ìgbà 200, òkè níbi bí 15 kìlómítà ló ti máa ń wáyé nígbà tí ìtànṣán láti òfúrufú bá kọlu afẹ́fẹ́ wa. Kì í pẹ́ kú. Tó bá dúró sójú kan, ẹ̀mí ẹ̀ kì í ju máíkírósẹ́kọ́ńdì 2.2 lọ ní ìpíndọ́gba, ìyẹn ni pé kóo gé sẹ́kọ́ńdì kan sí mílíọ̀nù kan, kóo mú 2.2 níbẹ̀. Pẹ̀lú eré ìmọ́lẹ̀ pàápàá, kò yẹ kó rìn ju 660 mítà lọ ní ìpíndọ́gba kó tó kú. Síbẹ̀ wọ́n ń rọ̀ wá sórí wa bóo ṣe ń ka èyí, nǹkan bí ẹyọ kan ń gba inú àtẹ́lẹwọ́ ẹ kọjá ní sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan.

Frisch àti Smith ní Amẹ́ríkà lọ kà wọ́n, 1963 ni wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ sórí òkè kan tó ń jẹ́ Mount Washington, tó ga ní nǹkan bí 1,900 mítà, wọ́n ka bíi 563 ní wákàtí kan, àwọn tí eré wọn tó ìdá 0.995 eré ìmọ́lẹ̀. Láti orí òkè yẹn dé ìsàlẹ̀ máa gba múọ̀nù ní máíkírósẹ́kọ́ńdì 6.4 lórí aago tiwa. Nígbà tí ẹ̀mí wọn ò ju 2.2 lọ, èyí tó pọ̀ jù ló yẹ kó ti kú lọ́nà, nǹkan bí 30 ló yẹ kó dé ìsàlẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wálẹ̀ wá sí itòsí òkun, wọ́n kà á, bíi 410 ni wọ́n bá! Kí 410 tó lè yè nínú 563, àfi kó jẹ́ pé bíi máíkírósẹ́kọ́ńdì 0.7 péré ló kọjá lórí aago tàwọn múọ̀nù fúnra wọn. Padà sí fọ́múlà, fi 0.995 sí i, wàá bá 0.1. Ìdá kan nínú mẹ́wàá 6.4 jẹ́ 0.64. Ó fi díẹ̀ yàtọ̀ sí 0.7 torí pé afẹ́fẹ́ ń dín eré wọn kù bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nílẹ̀.

Ìbéèrè: Àmọ́ múọ̀nù náà lè ní òun ò kúrò lójú kan, pé ayé ló ń sáré bọ̀ wá bá òun. Aago ta ló wá tọ̀nà?

Ìdáhùn: Orí ẹ pé gan-an! Méjèèjì ló tọ̀nà. Lójú múọ̀nù aago ẹ̀ ò falẹ̀ rárá, ẹ̀mí ẹ̀ 2.2 ló wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n òkè tó ń sáré bọ̀ wá bá a ti kúrú, 1,900 mítà ti di bíi 190, kíá ni ìyẹn kọjá. Àwa ní aago ẹ̀ falẹ̀, òun ní ọ̀nà kúrú, iye tó máa dé ìsàlẹ̀ láàyè ò yàtọ̀. Bákan náà ìwọ nínú réluwéè yẹn máa sọ pé aago tèmi ló ń falẹ̀, torí lójú ẹ èmi ni mò ń sáré lọ sẹ́yìn. A lè sọ ọ́ báyẹn títí tí a bá kàn ń kọjá lára wa. Ṣùgbọ́n ká tó lè gbé aago méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ yíjú padà. Tó bá jẹ́ ìwọ lo lọ tóo sì padà wá bá mi ní Orílé, ìwọ lo tẹ búréèkì, ìwọ lo yípo, ara ẹ sì mọ̀ ọ́n lára, èmi ò kúrò lójú kan. Aago tìẹ ló máa kà kéré.

Ìbéèrè: Bàbá mi ti ń wa dáńfó láti Ọ̀yìngbò sí Ọbáléńdé tipẹ́. Ṣé wọ́n ti wá kéré sí ọjọ́ orí wọn nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ ò ní ṣàkíyèsí ẹ̀ o. Ká ní 100 kìlómítà ní wákàtí ni wọ́n ń sá lórí Third Mainland, wákàtí 10 lójúmọ́, lójoojúmọ́, fún ogójì ọdún láì sinmi. Mo ṣe é, gbogbo èrè wọn jẹ́ nǹkan bí máíkírósẹ́kọ́ńdì 2. Ohun tó fà á ni v²/c² inú fọ́múlà yẹn: eré dáńfó ò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá eré ìmọ́lẹ̀, tóo bá tún wá fi nǹkan tó kéré tó yẹn sọ ara ẹ̀ di púpọ̀, kò ní ṣẹ́ ku nǹkan kan. A ò sì tíì yọ gosilóò kúrò.