Bí Àkójọ "Mo Fẹ́" Ṣe Ń Di Ìwé Tí Ayàwòrán Ilé Lè Fi Ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé kì í sábà mú ìwọ̀n lọ bá ayàwòrán ilé. Orúkọ yàrá ló máa ń kó lọ: pálọ̀ ńlá, yàrá márùn-ún, ibi tí a ó gbé ọkọ̀ sí. Kí ayàwòrán tó fa ìlà kankan, ó ní láti sọ àkójọ yẹn di bírífù. Bírífù ni ìwé tó ń sọ ohun tí wọn yóò máa ṣe nínú ilé náà, bí àyè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà ṣe tó, àti èyí tí a ó kọ́kọ́ fi sílẹ̀ bí ilẹ̀ tàbí owó kò bá ká gbogbo rẹ̀. Apá kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò, òun gan-an ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ nígbà tí ilé bá ti dé ìdajì.

Ká mú ìyá kan tó ń ṣe àdìrẹ ní Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní pulọ́ọ̀tì kan lọ́nà Òkè-Baálẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Ọ̀rọ̀ tó gbé wá ni pé: "Ẹnjiníà, ilé tó tóbi ni mo fẹ́ o. Pálọ̀ méjì, yàrá márùn-ún, kí kálukú ní balùwẹ̀ tiẹ̀. Ẹ bá mi fi ṣọ́ọ̀bù síwájú, kí n ríbi rẹ aṣọ mi. Kíṣìnnì inú, kíṣìnnì ìta, àti yàrá àdúrà kékeré kan."

Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ kò tíì ṣeé yà. Ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e kì í ṣe "Irú òrùlé wo lẹ fẹ́?" Èyí tó ń mú èsì wá ni: "Mà, ẹ sọ bí ọjọ́ yín ṣe ń lọ fún wa, láti ìgbà tí ẹ bá jí títí di ìgbà tí ẹ bá sùn." Ó sì dára kí ayàwòrán lọ wo ibi tí ìyá náà ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, kó mú tépù dání. Níbẹ̀ ni yóò ti rí i pé dírọ́ọ̀mù mẹ́rin ló máa ń gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pé orí tábìlì gígùn kan ló ti ń fi epo àbẹ́là ya aṣọ, pé aṣọ ọ̀pá márùn-ún tó bá sá sórí okùn gùn ju mítà mẹ́rin àtààbọ̀ lọ, àti pé orúnkún ń dùn ún bó bá ń gun àtẹ̀gùn. Yóò gbọ́ pẹ̀lú pé nínú ọmọ mẹ́rin tó ń ka yàrá fún, ẹyọ kan ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn yòókù wà ní Èkó àti Ìbàdàn, wọn kì í wálé bí kò ṣe nígbà ọdún, tàbí ní oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá kó èrò wá sí ìlú tí ọjà àdìrẹ sì ń yá.

Ọ̀rọ̀ oṣù kẹjọ yìí gba àfiyèsí. Ọdún Ọ̀ṣun kì í ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Bí a bá fi iye ènìyàn tó máa ń sùn sílé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn wọn ilé, ìyá náà yóò máa gbá yàrá òfìfo láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin. Ìgbé ayé ojoojúmọ́ la fi ń wọn ilé. Ti àlejò ọdún, a máa ń wá ọgbọ́n sí i: yàrá tó lè gba ibùsùn méjì, tàbí pálọ̀ kékeré tó ṣeé tẹ́ fóòmù sí lálẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n. Àwọn nǹkan tó máa wà nínú yàrá la ti ń rí ìwọ̀n rẹ̀, a kì í fojú dá a. Ibùsùn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà níbùú gba bíi mítà 1.8. Ẹni tó máa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfara gbún ògiri nílò sẹ̀ǹtímítà 75 ní ọ̀tún àti ní òsì. Ìyẹn di mítà 3.3. Bí a bá tún ro gígùn ibùsùn, wọ́dúróòbù àti ibi tí a ó dúró ṣí i, yàrá tó kéré jù tó ṣì rọrùn kò lè dín púpọ̀ sí mítà 3.3 sí 3.3. Bí a bá sọ ọ́ di 3.6 sí 3.6, tábìlì kékeré á wọlé. Ìyẹn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 13, tí a máa ń kọ báyìí: 13 m². Ibi ìrẹṣọ náà gba irú ìṣirò kan náà: dírọ́ọ̀mù kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60, ẹni tó ń rò ó nílò àyè láti tẹ̀ sẹ́yìn, tábìlì náà sì gbọ́dọ̀ ṣeé yí ká. Pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ fún àwọn kẹ́míkà aró bíi kọ́sítíìkì sódà àti háídíróòsì, mítà 5 sí 6 ló tó o, ìyẹn 30 m².

Bí a bá ṣe é báyìí fún gbogbo ohun tí ìyá náà dárúkọ, tí a kò yọ ẹyọ kan, àròpọ̀ rẹ̀ yóò tó 245 m². Ibí ni ọ̀pọ̀ onílé ti máa ń ní, "Ó dáa, ilẹ̀ mi gbà á." Àmọ́ 245 yẹn, inú yàrá nìkan ni. Ògiri kò sí nínú rẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò sí níbẹ̀, àtẹ̀gùn náà kò sí. Ẹ wo yàrá 3.6 sí 3.6 yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ògiri búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án tí a rẹ́ nínú àti níta nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 25. Bí a bá ka ìdajì ìnípọn yẹn mọ́ yàrá náà yí ká, ó di 3.85 sí 3.85, ìyẹn 14.8 m². Ògiri nìkan ti jẹ bíi 14 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún kún àròpọ̀ yàrá. Fún ilé tó máa ní àtẹ̀gùn, 30 ló fọkàn balẹ̀ jù. Ohun tí ìyá náà béèrè wá di bíi 319 m².

Ilẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 jẹ́ mítà 15.2 sí 30.5, ìyẹn bíi 464 m². Ṣùgbọ́n a kì í kọ́lé kan fẹ́ǹsì. Iléeṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé ló ń sọ iye àlàfo tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ló sì yẹ kí ayàwòrán ti béèrè kó tó ṣe ìṣirò. Ká fi mítà 6 níwájú àti mítà 3 lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì ṣe àpẹẹrẹ: ohun tó kù láti kọ́lé sí jẹ́ 9.2 sí 21.5, ìyẹn bíi 198 m². A fẹ́ 319, ìsàlẹ̀ nìkan kò sì lè gbà ju 198 lọ. Bírífù tó dáa máa ń kọ nọ́ńbà méjèèjì yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sójú ewé àkọ́kọ́.

Ìgbà yìí la wá tó àwọn nǹkan sípò. Bí a bá bi onílé pé, "Èwo ló ṣe pàtàkì?" yóò ní gbogbo rẹ̀ ni. Ìbéèrè tó ń ṣiṣẹ́ ni kí a gbé méjì kalẹ̀ kó yọ ọ̀kan: "Mà, bí pálọ̀ kejì àti ibi ìrẹṣọ kò bá lè wà pọ̀, èwo lẹ máa mú?" Ìyá náà kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ibi ìrẹṣọ ló ń bọ́ ọ. Bí a ti ń bi í bẹ́ẹ̀ ni ìpele mẹ́ta ń hàn: èyí tí kò gbọdọ̀ má sí, èyí tó yẹ kó wà, àti èyí tó lè dúró dìgbà tí owó bá dé. Bí ohun tó lé ní ìdajì bá wà ní ìpele kìn-ín-ní, a kò tíì tò ó rárá.

Nǹkan kan tún wà tí kò sí nínú àkójọ ìyá náà rárá, tó sì le ju pálọ̀ méjì lọ: omi aró. Omi tó ní kọ́sítíìkì sódà kò gbọdọ̀ wọ sẹ́fútíìkì, nítorí yóò pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìgbẹ́ níbẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ kànga. Ó nílò kòtò tiẹ̀. Kànga àti sọ́kàwéè pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jìnnà síra, mítà 30 ni ọ̀pọ̀ ìlànà ń béèrè, pulọ́ọ̀tì náà kò sì ju mítà 30 lọ látòkè délẹ̀. Nítorí náà kànga yóò wà níwájú pátápátá, sọ́kàwéè lẹ́yìn pátápátá, a ó sì wo ibi tí kànga àwọn aládùúgbò wà kí a tó gbẹ́ ohunkóhun. Ibi tí aṣọ yóò ti máa gbẹ náà nílò oòrùn àti bíi 30 m² ilẹ̀ gbalasa. A gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú bírífù pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ bíi yàrá, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnìkan á gbé ọkọ̀ síbẹ̀. Ẹnìkan sì lè dábàá pé kí a pa kíṣìnnì ìta pọ̀ mọ́ ibi ìrẹṣọ kí àyè lè dín. Rárá o. Kẹ́míkà àti oúnjẹ kì í gbé abẹ́ òrùlé kan.

Lẹ́yìn gbogbo ìbéèrè yìí, ohun tó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ìpele kìn-ín-ní wà nísàlẹ̀: ṣọ́ọ̀bù 15, yàrá ìpamọ́ aṣọ 9, pálọ̀ tó ní ibi ìjẹun nínú 30, kíṣìnnì 12, sítọ̀ 4, yàrá ìyá 18 tí igun àdúrà wà nínú rẹ̀, balùwẹ̀ rẹ̀ 4, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò 2. Ó jẹ́ 94 m². Pẹ̀lú ògiri àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ó di 122, àti ibi ìrẹṣọ olórùlé tí kò ní ògiri yí ká, 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 152, ó wọ inú 198, afẹ́fẹ́ sì tún rí ọ̀nà gbà. Ìpele kejì wà lókè, nítorí àwọn ọmọ ló ní orúnkún tó lè gun àtẹ̀gùn: yàrá mẹ́ta, balùwẹ̀ méjì, pálọ̀ kékeré, bíi 73 pẹ̀lú ògiri. Kíṣìnnì ìta di ìpele kẹta. 319 ti di 225, ìyá náà kò sì pàdánù ohun tó ń lò lójoojúmọ́.

Òkè yẹn lè dúró ní ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n bírífù gbọ́dọ̀ sọ ọ́ gbangba pé ó ń bọ̀. Ìpìlẹ̀, òpó àti dẹ́kìn gbọ́dọ̀ ti mọ ẹrù tí wọn yóò gbé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí àyè àtẹ̀gùn sì ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ìsàlẹ̀ bí ilé tí kò ní òkè, tó wá ní òun fẹ́ gbé òkè lé e lẹ́yìn ọdún márùn-ún, lè ní láti tú ìpìlẹ̀.

Kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, ó dára kí wọ́n lọ sórí ilẹ̀ náà pẹ̀lú èèkàn àti okùn, kí wọ́n fa pálọ̀ 30 yẹn sílẹ̀ kí ìyá náà dúró sínú rẹ̀. Nọ́ńbà kì í yé ènìyàn bí ẹsẹ̀ ṣe ń yé e. Bó bá ní ó ti há jù, ibẹ̀ náà la ti ń bi í, yàrá wo ni ká bù sí i láti ara rẹ̀? Bákan náà ni fún àyípadà tó bá wáyé lẹ́yìn ìbuwọ́lù: ọmọ tó wà ní Èkó pè pé òun fẹ́ balùwẹ̀ tòun, ó dáa, 4 m² wọlé, pẹ̀lú ògiri ó ju 5 lọ. A ó kọ orúkọ ohun tí 5 yẹn ti ara rẹ̀ jáde sínú ìwé, pẹ̀lú déètì, ìyá náà á sì buwọ́ lù ú.