"Organization WH" kì í ṣe òǹkọ̀wé

Tíísì míì tún dé ọ̀dọ̀ mi ní ilé-ìkàwé, "Organization WH" sì kún àkójọ ìwé ìtọ́ka tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fọ́fọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ni ẹ sọ di ẹni tí orúkọ ìdílé rẹ̀ ń jẹ́ Organization! Ó sú mi.

Mi ò ní kọ́ yín bí ẹ ṣe máa kó àbájáde jáde nínú dátábéèsì Scopus ní fáìlì `.ris`. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ẹ kì í ṣe ni pé kí ẹ wo inú fáìlì náà kí ẹ tó dà á sínú EndNote tó ń bá yín to ìwé ìtọ́ka.

Èèyàn ni EndNote ka gbogbo òǹkọ̀wé sí. Bí kò bá rí kọ́mà nínú orúkọ, ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn ló máa mú bí orúkọ ìdílé, á sì gé ìyókù sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi Notepad ṣí fáìlì náà. Ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AU ni ti òǹkọ̀wé. Ẹ sọ ìlà àkọ́kọ́ yìí di ìkejì:

```
AU  - World Health Organization
AU  - World Health Organization,
```

Kọ́mà ìparí yẹn ló ń jẹ́ kí EndNote mọ̀ pé odindi orúkọ kan ni. Bí ẹ bá fẹ́ lo Replace All, ẹ kọ AU àti àmì tó tẹ̀ lé e mọ́ ohun tí ẹ ń wá, torí orúkọ àjọ yìí lè wà nínú àkọlé àti àkópọ̀ àpilẹ̀kọ náà, kọ́mà ò sì gbọdọ̀ débẹ̀. Bí kọ́mà bá ti wà láàárín orúkọ tẹ́lẹ̀, méjì ni kí ẹ fi síbẹ̀:

```
AU  - Federal Ministry of Health,, Nigeria
```

Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Nigeria á di orúkọ àbísọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó lo Find Duplicates. Orúkọ òǹkọ̀wé wà lára ohun tó fi ń mọ ìwé tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí dátábéèsì kan bá pe àjọ náà ní "Organization, World Health", tí òmíràn sì pè é bó ṣe yẹ, ìwé kan náà á jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ò sì ní mọ̀.

Àwọn tó ń gbowó ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì pé àwọn ń tún rẹfirẹ́ǹsì ṣe ló ń bí mi nínú jù. Inú Word ni wọ́n ti ń fọwọ́ tún orúkọ náà kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sanwó fún wọn, ìwé rẹ̀ sì mọ́ lójú. Nígbà tó ku ọ̀la kó fi sílẹ̀, supafáísọ̀ ní kó fi ìtọ́ka kan ṣoṣo kún un. Bó ṣe fi í sí i, EndNote tún gbogbo àkójọ náà tò látinú ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo "Organization WH" sì padà wá. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní fáírọ́ọ̀sì ni. Inú EndNote gan-an la ti fi kọ́mà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, a wá tẹ Update Citations and Bibliography. Ilẹ̀ ti mọ́ ká tó ṣe é tán.