Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń fòpin sí ìfẹ́: ìbéèrè yín àti ìdáhùn

Láti ọjọ́ mélòó kan ni àwòrán àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti ń tọwọ́ dé ọwọ́ lórí Wásáàpù. Obìnrin kan ló kọ ọ́ sí ọkùnrin tí wọ́n ti jọ ń fẹ́ra. Àwọn kan kà á, wọ́n ní ó ti já a sílẹ̀. Àwọn mìíràn ka ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n ní inú ló kàn ń bí i. Gbólóhùn tó dá awuyewuye sílẹ̀ nìyí: «Jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ná, kí oníkálukú sinmi.» Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e pọ̀. Mo mú díẹ̀ níbẹ̀.

Ṣé kì í ṣe ojo ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kọ olólùfẹ́ rẹ̀?

Tí ẹ̀yin méjèèjì bá wà nílùú kan náà, ẹ lọ bá a, kí ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́. Àmọ́ tí ọ̀kan bá wà ní Ìbàdàn tí èkejì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tàbí tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti la ẹnu ni ẹkún ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìyẹn sàn ju kí ẹ máa sún un síwájú lọ. Ní ti ẹni tó ti lù yín rí tàbí tó ti halẹ̀ mọ́ yín, ẹ má lọ bá a rárá.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn fi dàrú mọ́ àwọn èèyàn lójú?

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló fà á: «ná». Nínú èdè wa, ẹni tó bá ní «dúró ná» ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ìdúró náà máa tán. Ohun tí a bá «fi sílẹ̀ ná», a ó padà wá mú un ni. «Tíì» náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: tí mo bá ní «mi ò tíì ṣe tán», ẹni tó ń kà á á gbọ́ pé mo ń bọ̀ wá ṣe tán. «Mo ń rò ó pé» ń sọ pé ìrònú ò tíì parí. «Bóyá» àti «ó jọ pé» ń sọ pé kò dá mi lójú.

Ẹni tó dá lójú ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. «Mo ti pinnu»: «ti» yẹn fi hàn pé ó ti ṣẹlẹ̀, kò kù síbì kan. «Mi ò ní fẹ́ ọ mọ́»: «mọ́» yẹn ló ń ti ilẹ̀kùn.

Mo mọ ìdí tí a fi ń sá fún irú ọ̀rọ̀ tó ṣe tààrà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti fi kọ́ wa láti kékeré pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Òótọ́ ni, àmọ́ kì í ṣe níbí. Ẹni tó nífẹ̀ẹ́ yín ò ní fi ohun tó wà lọ́kàn yín parí ààbọ̀ náà. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́ ni yóò fi kún un. Mo ti gba àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní «ná» nínú rí. Oṣù márùn-ún ni mo fi dúró de ẹni tí kò ní í padà.

Báwo ni èyí tó dára ṣe máa rí gan-an?

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan ní Ìbàdàn, tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ ọkùnrin náà ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Kó má fi oríkì rẹ̀ pè é o. Oríkì máa ń mú orí ẹni wú, ẹni tí a bá kì kò ní gbà pé a ń kọ òun ni. Lẹ́yìn náà:

«Mo ti pinnu pé mi ò ní fẹ́ ọ mọ́. Ìfẹ́ àwa méjèèjì parí lónìí. Ó ti lé ní oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń rò ó, kì í ṣe ìjà ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló fà á. Mi ò fẹ́ wá máa gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, mi ò sì fẹ́ kí o tìtorí mi padà wálé, torí pé kódà tí o bá padà, ìpinnu mi ò ní yí. Irú ìfẹ́ tí èèyàn fi ń gbé ilé ọkọ ò sí lọ́kàn mi mọ́. O ò ṣẹ̀ mí. O dúró tì mí nígbà tí bàbá mi wà lórí àìsàn, mi ò ní gbàgbé rẹ̀ láé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa dùn ọ́. Dá mi lóhùn tí o bá fẹ́, màá kà á, màá sì fèsì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, jẹ́ ká má pe ara wa. Màá kó ẹrù rẹ fún àbúrò rẹ lọ́jọ́ Sátidé.»

Ẹ wo ibi tó fi ìpinnu sí: gbólóhùn àkọ́kọ́ ni. Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já kì í ka ìsàlẹ̀ dáadáa. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà jíjìn nìkan ló kọ sílẹ̀, ọkùnrin náà lè ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kejì. Ìdí tó bá ní àtúnṣe, àtúnṣe ni wọ́n máa gbé wá. Ìdí náà gbọ́dọ̀ dé ìsàlẹ̀ ọkàn, níbi tí kò ti sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe. Oore kan ṣoṣo ló dárúkọ, àmọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ ni, kò sì fi «o dára jù fún mi» rọ́pò rẹ̀.

Ṣé mo lè sọ pé Ọlọ́run ló ní kí n má fẹ́ ẹ?

Tí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ má sọ ọ́. Yóò wá wòlíì mìíràn lọ, yóò sì gbé ìran tirẹ̀ padà wá bá yín.

Ìgbà wo ni kí n fi ránṣẹ́?

Ìrọ̀lẹ́ tó ti dé ilé, tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nídìí ọkọ̀.

Àwọn ẹbí ti mọ ara wọn ńkọ́?

Tó bá jẹ́ pé mọ̀mí-n-mọ̀ ọ́ nìkan ni wọ́n ṣe, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Kí àwọn òbí yín lọ bá àwọn òbí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta. Tí alárinà bá wà, ẹ sọ fún un, àmọ́ ẹ má fi í rọ́pò ara yín.

Tí ẹ bá ti ṣe ìdána tí ẹbí sì ti fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá àtẹ̀jíṣẹ́. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìyẹn, àwọn ẹbí tàbí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ló ń tú u. Tó bá jẹ́ ti ìwé ìjọba ní Nàìjíríà, ilé ẹjọ́ gíga ni.

Ṣé ó lè pè mí lẹ́jọ́?

Ní Nàìjíríà, ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá ti ṣèlérí ìgbéyàwó fún un. Àmọ́ Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu olùpẹjọ́ nìkan ò tó, ẹ̀rí mìíràn gbọ́dọ̀ ti ìlérí náà lẹ́yìn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1970 ti fòpin sí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Tí ó bá ti náwó gidi sórí ìmúrasílẹ̀ ìgbéyàwó, ẹ bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun.

Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè pa ara rẹ̀.

Ẹ mú un ní òótọ́. Kẹ́ ẹ tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́, ẹ wá ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wà nítòsí rẹ̀, kẹ́ ẹ ní kó wà pẹ̀lú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Tó bá sọ fún yín pé òun máa pa ara òun, ẹ pe ẹni yẹn lójú ẹsẹ̀. Tó bá wà ní Nàìjíríà, ẹ pe 112. Tó bá wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ní kí ẹni tó wà níbẹ̀ pe 999. Ẹ má sáré lọ sọ pé ẹ ti yí ìpinnu padà. Ohun tó nílò lálẹ́ yẹn ni èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlérí tí ẹ máa tún yẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ ò ní dáàbò bò ó.

Tó bá ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́ ńkọ́?

Ẹ dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan bí ẹ ṣe ṣèlérí: «Mo ka gbogbo rẹ̀. Ó dùn mí pé mo dùn ọ́. Ìpinnu mi ò yí padà.» Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má fèsì mọ́, pàápàá lóru. Tí ẹ bá dákẹ́ fún ogún ìpè, tí ẹ wá gbé ìkọkànlélógún, ohun tó máa kọ́ níbẹ̀ ni pé ìpè mọ́kànlélógún ló gbà.