Àádọ́ta Náírà Tí Kò Wọnú Àpapọ̀

Oníbàárà mìíràn tún pè mí pé àwọn ọ̀tá ti wọ inú ètò ìṣírò òun, nítorí pé ó ń fi àádọ́ta náírà kún àpapọ̀ owó tí ó ti lé ní bílíọ̀nù kan, tí àpapọ̀ náà kò sì kúrò lójú kan. Ó ti wọ́n omi àdúrà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kí ó tó pè mí, ẹnì kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ sì ti ní kí ó ra kọ̀ǹpútà tuntun. Irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ń bí mi nínú. Ìlànà IEEE 754, tí ó ń sọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ nọ́ńbà onídẹ́símà, tí ó sì jáde ní 1985, ni ẹ̀rọ àtijọ́ náà ń tẹ̀ lé. Òun náà ni tuntun yóò tẹ̀ lé, ibi kan náà ni wọn yóò sì ti kùnà.

Inú float32, irú nọ́ńbà tí ó gba bíìtì 32 nínú ìlànà yẹn, ni ètò oníbàárà mi ń kọ owó sí, bíìtì 24 péré ni èyí sì ní fún àwọn díjítì nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń tóbi sí i ni àlàfo tí ó wà láàárín èyí tí ó ṣeé kọ àti èyí tí ó tẹ̀ lé e ń fẹ̀ sí i. Nígbà tí àpapọ̀ bá dé 1,073,741,824, àlàfo náà ti di 128. Fún float32, kò sí nọ́ńbà tí ń jẹ́ 1,073,741,874. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mú èyí tí ó sún mọ́ ọn jù, ìyẹn sì ni ibi tí a wà tẹ́lẹ̀. Ẹ fi 50 kún un nígbà ẹgbẹ̀rún, 50,000 náírà ni yóò pòórá láìsí ìkìlọ̀ kankan. Bí ó bá jẹ́ 70 ni ẹ fi kún un, 128 ni yóò fi gòkè, owó tí ẹnikẹ́ni kò san yóò sì wọlé.

Ní ti owó, ẹ máa fi kọ́bọ̀ kà á ní odidi nọ́ńbà. Ní ti ohun tí a fi ẹ̀rọ wọ̀n, ẹ lo ọ̀nà tí William Kahan tẹ̀ jáde ní 1965, èyí tí ó ń fi ohun tí ó já bọ́ pamọ́ sínú c. Àpapọ̀ ni s, nọ́ńbà tí a fẹ́ fi kún un sì ni x:

```
y = x - c
t = s + y
c = (t - s) - y
s = t
```

Ẹ jẹ́ kí s jẹ́ 1073741824, kí x jẹ́ 50, kí c sì jẹ́ 0. Ní ìgbà àkọ́kọ́, s kò yí padà, ṣùgbọ́n c di -50. Ní ìgbà kejì, y di 100, s gòkè pẹ̀lú 128, c sì di 28, èyí tí a óò yọ kúrò nígbà tí ó bá kàn.

Ohun tí ó ń dùn mí jù ni àwọn tí ń kọ ọ́ dáadáa, tí wọ́n sì ń fi -ffast-math sí àṣẹ GCC, ètò tí ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, nítorí kí iṣẹ́ lè yá. Àṣẹ yẹn gba ẹ̀rọ láyè láti ṣe ìṣírò bí ẹni pé kò sí ohun tí ń já bọ́ rárá. Ó lè rí i pé òdo ni (t - s) - y nínú ìṣírò orí ìwé, kí ó sì pa ìlà náà rẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi ọ̀nà Kahan fi 50 kún 1073741824 lẹ́ẹ̀mejì nínú float32. Bí ó bá jáde ní 1073741952, ọ̀nà náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ṣì jẹ́ 1073741824, ẹ yọ àṣẹ yẹn kúrò.