Olólùfẹ́ mẹ́ta, iṣẹ́ kan náà: bí ilé tí wọ́n ti tọ́ wa ṣe ń bá wa yan ẹni tí a ń fẹ́

Bí ènìyàn bá fẹ́ olólùfẹ́ mẹ́ta láàárín ọdún díẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì tú ká lọ́nà kan náà, àlàyé kì í wọ́n àwọn ará ilé. Àwọn kan á ní orí rẹ̀ ló ń bá a jà. Àwọn kan á ní kó lọ gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ ọkọ ọ̀run. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ á sì ní ojú rẹ̀ kò mọ ènìyàn. Síbẹ̀, bí a bá to àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, wọ́n lè má jọra rárá: ọ̀kan lówó, ọ̀kan kò ní, ọ̀kan ń pariwo, ọ̀kan kì í sọ̀rọ̀. Ohun tó sábà máa ń jọra ni iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ yẹn, ó ti kọ́ ọ nílé kó tó mọ ohun tó ń jẹ́ ìfẹ́ láàárín ọkùnrin àti obìnrin.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ọmọ ṣe ń kọ́ ọ dáadáa ni John Bowlby, dókítà àìsàn ọpọlọ ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó gbé ayé láti 1907 sí 1990. Ó ní ọmọ kékeré ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i lójoojúmọ́ ya àwòrán kan sínú ara rẹ̀. Àwòrán náà dáhùn ìbéèrè díẹ̀: bí mo bá ké, ta ló ń wá? Ṣé kíákíá ló ń wá, àbí ó di ìgbà tí mo bá ké títí? Kí ni mo gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n má baà fi mí sílẹ̀? Ọmọ náà kò lè fi ẹnu sọ ìdáhùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mary Ainsworth, tó ti bá Bowlby ṣiṣẹ́, lọ sí àwọn abúlé ẹ̀bá Kàmpálà ní Ùgáńdà lọ́dún 1954, ó sì ń bẹ ìdílé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wò fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ọmọ tí ìyá wọn tètè ń mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ ń rá lọ síwájú, wọ́n ń ṣeré, wọ́n sì ń padà wá fọwọ́ kàn án. Àwọn mìíràn ń ké ṣáá, kódà nígbà tí wọ́n wà lẹ́sẹ̀ ìyá wọn. Ó tún rí i pé ọmọ lè fara mọ́ bàbá, ìyá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú. Ẹni tó dàgbà nínú agbo ilé, tàbí tí wọ́n fi sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré, kò gbọ́dọ̀ fi wíwò rẹ̀ mọ sórí bàbá àti ìyá tó bí i nìkan.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tí a fi ìrírí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé kalẹ̀. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Àkọ́bí ni, Ìbàdàn ló ti dàgbà. Bàbá rẹ̀ ń wa tírélà láàárín Èkó àti Kánò. Nígbà mìíràn ọjọ́ mẹ́rin ni yóò lò lójú ọ̀nà, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí yóò jẹ́. Ó lè wọlé lóru pẹ̀lú súyà, kó jí gbogbo wọn, kí ilé kún fún ẹ̀rín. Ó sì lè wọlé lọ́sàn-án gangan kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìyá rẹ̀ á wá rán an: “Gbé omi lọ fún bàbá ẹ, kó o wo ojú wọn dáadáa, kí n tó mẹ́nu ba owó iléèwé.” Ọmọ ọdún mẹ́jọ náà á gbé omi lọ, á wo iwájú orí bàbá rẹ̀, á sì padà wá jíṣẹ́. Kò sí ẹni tó lù ú. Ó jẹun, ó kàwé. Ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ ni pé ìfẹ́ a máa lọ, a máa bọ̀, pé ẹni tó bá mọ ojú wò ló ń rí i gbà, àti pé ohun tí òun fúnra òun ń fẹ́ lè dúró dìgbà mìíràn.

Nígbà tó dàgbà, oníṣòwò kan tó ní ilé mìíràn ní Àbújá ló kọ́kọ́ fẹ́. Èkejì jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì. Ìyẹn kì í rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n ó lè tìtorí ọ̀rọ̀ kékeré dákẹ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀kẹta kò níṣẹ́, obìnrin yìí ló ń san owó ilé, inú ọkùnrin náà kì í sì í ṣeé mọ̀ láàárọ̀. Lójú àwọn ẹbí, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni: àgbèrè, ìgbéraga, ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n wo ohun tí òun ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ti ń wo ojú, tó ń dúró de àkókò tó dáa láti sọ̀rọ̀, tó sì ń gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tì. Omi ló ṣì ń gbé lọ fún bàbá rẹ̀.

Láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta, ẹnì kan tún wà tí kì í sábà wọ inú ìtàn náà. Ọkùnrin yìí, bó bá ní òun á pè ní aago méje, aago méje ni yóò pè. Oṣù méjì ni obìnrin náà fi bá a lọ. “Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ara mi ò ṣáà yá sí i.” Gbólóhùn yẹn wúlò ju gbogbo ẹ̀sùn tó fi kan àwọn mẹ́ta tó kù lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìlànà náà ti fojú hàn. Lọ́dọ̀ ẹni tó dúró sójú kan, kò sí ojú tí yóò máa wò, kò sí ohun tí yóò máa dúró dè. Gbogbo ọgbọ́n tó ti kọ́ láti ìgbà èwe kò rí iṣẹ́ ṣe, ó sì pe àìníṣẹ́ yẹn ní àìsí ìfẹ́. Lọ́dọ̀ ẹni tí kò ṣeé gbára lé, àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ó ń wo fóònù léraléra, ó sì pe ìyẹn ní ìfẹ́. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, B. F. Skinner, fi ẹyẹlé ṣe àyẹ̀wò tó bá èyí mu: ẹyẹlé tó ń fi ẹnu ṣá bọ́tìnì kan, tí oúnjẹ sì ń já bọ́ fún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láìsí àkókò kan pàtó, kì í tètè jáwọ́ nínú ṣíṣá náà, kódà nígbà tí oúnjẹ bá ti tán pátápátá. Súyà òru ọjọ́ kan lè múni dúró de ọ̀pọ̀ òru tí kò sí nǹkan kan.

Ohun tó ń múni lọ́kàn nìyẹn. Ohun tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ewu tún wà. Bí ẹni tó dàgbà nílé tí wọ́n ti ń yanjú ọ̀rọ̀ kó tó di alẹ́ bá rí olólùfẹ́ tó dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rù á bà á. Ọmọ awakọ̀ tírélà yìí kò tilẹ̀ kíyè sí i. Ó ti gbé inú irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ni apá tí ọ̀pọ̀ alálàyé máa ń fò, bóyá nítorí pé kò dùn gbọ́: ìwà tí ilé kọ́ wa máa ń fa ìwà kan jáde lára ẹni tí a ń fẹ́. Ẹni tí kì í sọ ohun tó ń fẹ́ kọ́ ẹnì kejì láti má ṣe béèrè. Ọkùnrin tó bá dára díẹ̀ lè di ẹni tí kò bìkítà mọ́ lẹ́yìn ọdún méjì tí wọ́n ti ń sọ fún un pé “kò sí wàhálà.”

Nítorí náà ni ojú ẹlòmíràn ṣe máa ń ríran níbi tí tiwa ti fọ́. Láyé àtijọ́, ìdílé ló ń ṣe ìfojúsóde, alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ kiri, ìwádìí sì ń lọ kí ìtọrọ àti ìdána tó dé. Wọ́n ń wá àrùn ìdílé, gbèsè àti ìwà ipá, wọn kì í bèèrè bí àyà ọmọ ṣe ń lù. Ètò náà ní ìyà tirẹ̀, wọ́n sì fi ipá mú ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin wọ ilé ọkọ. Ṣùgbọ́n kò gbẹ́kẹ̀ lé ìtọ́wò ẹnì kan ṣoṣo, ohun tí àwa sì gbẹ́kẹ̀ lé lónìí nìyẹn.

Láti tọpa rẹ̀, orí àwọn olólùfẹ́ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó kan ilé. Kọ orúkọ wọn sínú ìwé, pẹ̀lú àwọn tí o tètè fi sílẹ̀ nítorí pé ara rẹ kò yá sí wọn. Má kọ ìwà wọn. Kọ ohun tí ìwọ máa ń ṣe ní ọjọ́ lásán, ọjọ́ tí kò sí ìjà. Lẹ́yìn náà ni kí o lo ohun kan tí Mary Main àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Bẹ́kílì, ní Kalifọ́níà, fi sínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wọn láàárín ọdún 1980 sí 1990. Wọ́n á ní kí ènìyàn mú ọ̀rọ̀ márùn-ún tó ṣàpèjúwe àárín òun àti ìyá tàbí bàbá rẹ̀ nígbà èwe, kó sì sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ gan-an tó fi mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Obìnrin wa kọ ọ́ nípa bàbá rẹ̀: ìfẹ́, ẹ̀rín, iṣẹ́ àṣekára, líle, ìrètí. Fún ìfẹ́, ó sọ ti súyà òru. Nígbà tí wọ́n ní kó mú òmíràn wá, ó ronú títí, ó sì sọ bó ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tó ń retí bàbá rẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Bàbá kò sí nínú ìtàn yẹn rárá. Ọmọ tó ń dúró nìkan ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ abẹ́ ìfẹ́ ló kọ ọ́ sí. Irú ibi báyìí, tí ọ̀rọ̀ àti ìtàn kò ti bára mu, ni kí a dúró sí. Àwọn Main sì rí i pé kì í ṣe ẹni tí ilé rẹ̀ dùn nìkan ni nǹkan ń tòrò fún: ẹni tójú rẹ̀ rí nǹkan, ṣùgbọ́n tó lè sọ ọ́ bó ṣe rí, láìpọ́n ọn, láìbínú kọjá ààlà, wà lára wọn.

Láàárín wa, ibí yìí ló máa ń há. Wọ́n ti sọ fún wa pé ọmọ tó bá mọ ìyá rẹ̀ lójú, òṣì ni yóò ta ọmọ náà pa, nítorí náà “bàbá mi gbìyànjú” ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ̀lẹ̀ fi dára ju ẹjọ́ lọ. “Mo máa ń gbé omi lọ wo ojú wọn” kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá sì sọ ọ́ di ẹjọ́ a máa dúró sórí ẹ̀bi bàbá, kò sì ní dé orí fóònù tí òun fúnra rẹ̀ ń wò lóru.

Àṣìṣe mìíràn ni kéèyàn wá òdì-kejì. Ẹni tí bàbá rẹ̀ le á wá ọkùnrin tí kò lè pinnu nǹkan kan, á sì tún padà sẹ́nu iṣẹ́ wíwo ojú, torí kò mọ ohun tí ẹni náà ń fẹ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ìtúká ló ní gbòǹgbò nílé: ẹnì méjì kò tó láti pè ní àṣà, àìsówó sì ti tú ilé tó dáa ká. Ẹni tó bá sì ń lu olólùfẹ́ rẹ̀, òun ló ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbà èwe ẹni tí wọ́n ń lù kò kàn án, ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ibi ààbò kí ẹnikẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

Mímọ ìlànà náà kì í yí ohun tó ń múni lọ́kàn padà kíákíá. Ẹni tí kò ṣeé gbára lé yóò ṣì máa ta á lọ́kàn fún ìgbà pípẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ ń yí padà ni ìgbà tó ń gbà kó tó kíyè sí i: látorí ọdún méjì sí oṣù mẹ́fà, sí ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọ̀nà kan láti tètè mọ̀ ni pé kó sọ ohun kékeré kan tó ń fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nígbà tí kò tíì sí ohun tó lè bàjẹ́. “Sátidé kò rọ̀ mí lọ́rùn, ṣé a lè fi sí ọjọ́ Àìkú?” Kó wá fetí sí ohun tí ẹnì kejì fi dá a lóhùn, kó sì kíyè sí i bóyá ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ti ń nà sí fóònù láti kọ “má bínú, Sátidé náà dáa” kí ìdáhùn tó dé.